Ìbéèrè Tíọ́rì nínú Ẹ̀kọ́ Ìdárayá: Kọ Ìlànà Ìmáàkì Kí Ìbéèrè Tó Gbẹ

"Ṣàlàyé eré ríléè. (Máàkì 10.)"

Ẹni tó bá ka ìbéèrè yìí lè má rí àléébù kankan lára rẹ̀, àfi ìgbà tí ìdáhùn bá dé ọwọ́ olùkọ́ méjì. Ká ní ọmọ kan ya pápá, ó kọ ọ́ pé ènìyàn mẹ́rin ló ń sá a, ó sì ròyìn bí wọ́n ṣe ń gbé bátọ̀n fúnra wọn. Olùkọ́ kìíní fún un ní 7 nítorí pé àwòrán rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Èkejì fún un ní 3 nítorí pé kò mẹ́nu ba òfin kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó ṣe ojúsàájú nínú àwọn méjèèjì. Ìbéèrè ni kò sọ ohun tó ń fẹ́, kò sì sí ìwé kankan níwájú wọn tó sọ ohun tí máàkì kọ̀ọ̀kan wà fún.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn olùkọ́ tuntun ni pé kí wọ́n kọ ìlànà ìmáàkì lórí ìjókòó kan náà tí wọ́n fi kọ ìbéèrè. Kí wọ́n má dúró di ìgbà tí ìwé ìdáhùn bá kún orí tábìlì. Ìbéèrè tí o kò bá lè kọ ìlànà ìmáàkì fún kò tíì pé, bó ti wù kó dùn ún gbọ́ létí tó. Tẹ́ẹ̀sì kan ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé látòkè délẹ̀: tẹ́ẹ̀sì oní-máàkì 30 lórí eré ríléè 4 × 100 mítà, fún àwọn ọmọ ọdún kejì sẹ́kọ́ńdírì àgbà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti fi kọ́ wọn.

Kọ́kọ́ pín máàkì, kí o tó wá ìbéèrè

Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń ṣí ìwé nóòtì, tí a ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìbéèrè láti ojú ewé àkọ́kọ́. Bí a bá dé ojú ewé kẹta, máàkì ti tán. Ìdí nìyẹn tí tẹ́ẹ̀sì fi máa ń kún fún ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àti ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ eré, tí ohun tí a lo àkókò jù lé lórí ní pápá kò sì ní yọjú rárá.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, a kọ́ wọn nípa bátọ̀n àti pápá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a kọ́ wọn bí a ṣe ń pààrọ̀ bátọ̀n. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, a kọ́ wọn ní òfin àti ohun tó lè mú kí wọ́n yọ ẹgbẹ́ kan kúrò nínú ìdíje. Mo kọ àwọn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì kọ irú iṣẹ́ tí ọpọlọ máa ṣe sí òkè: ìrántí, ìyẹn kí ọmọ sọ ohun tó ti gbọ́, òye, kí ó lè sọ ìdí tàbí ìyàtọ̀, àti ìlò, kí ó fi ohun tó mọ̀ yanjú ọ̀ràn tí kò rí rí. Lẹ́yìn náà ni mo wá pín máàkì.

| Ohun tí a kọ́ | Ìrántí | Òye | Ìlò | Àpapọ̀ |
|---|---|---|---|---|
| Bátọ̀n àti pápá | 6 | 2 | 0 | 8 |
| Bí a ṣe ń pààrọ̀ bátọ̀n | 4 | 5 | 1 | 10 |
| Òfin àti àṣìṣe | 2 | 4 | 6 | 12 |
| Àpapọ̀ | 12 | 11 | 7 | 30 |

Kò sí òfin tó ní kí ìpín náà rí báyìí gẹ́lẹ́. Mo fi máàkì tó pọ̀ sí òfin nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀ràn tó ṣeé dá lẹ́jọ́. Mo sì fi òdo sí ìlò níbi bátọ̀n àti pápá, torí ìbéèrè ìlò tí mo gbìyànjú níbẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan ju ìrántí tí a wọ agbádá fún lọ. Kí òdo wà nínú àtẹ sàn ju kí a fi ìbéèrè ayédèrú dí i lọ.

Wo ìlà ìsàlẹ̀. Ọmọ tó há gbogbo nóòtì sórí láìyé ohunkóhun lè rí 12 nínú 30, kò sì lè kọjá ibẹ̀ àfi kó mọ nǹkan mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tó ń tiraka ní kíláàsì ní ibi tó ti lè rí nǹkan kó jọ. Nǹkan méjèèjì yìí ni mo ń wá kí n tó fọwọ́ kan ìbéèrè kankan.

Ìbéèrè líle wo ló le lóòótọ́?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ìdáhùn bá ṣe fara sin tó ni ìbéèrè ṣe le tó. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin Nàìjíríà gba àmì ẹ̀yẹ bàbà nínú 4 × 100 mítà ní Òlíḿpíìkì Básílónà lọ́dún 1992: Beatrice Utondu, Faith Idehen, Christy Opara-Thompson àti Mary Onyali. Bí mo bá bi àwọn ọmọ pé ta ló sá ìpele kẹta, ọ̀pọ̀ ló máa kùnà. Síbẹ̀, ìbéèrè ìrántí ni. Ọmọ tó mọ orúkọ náà lè má mọ bí wọ́n ṣe ń di bátọ̀n mú, ẹni tí kò sì mọ̀ ọ́n lè jẹ́ sáré-sáré tó dára jù nínú kíláàsì. Ìṣòro tí irú ìbéèrè yìí ń gbé wá kò ní ohun tó ń wọ̀n.

Irú kejì ni ìbéèrè tó le nítorí pé gbólóhùn rẹ̀ lọ́. "Èwo nínú àwọn wọ̀nyí ni kì í ṣe ohun tí kò yẹ kí ẹni tó ń gba bátọ̀n má ṣe?" Kí ọmọ tó tú ìyẹn, àkókò ti lọ. Gírámà lò ń dánwò níbẹ̀.

Irú kẹta, èyí tó wúlò, ni ìbéèrè tó le nítorí pé ó ń béèrè iṣẹ́ ọpọlọ tó pọ̀ sí i lórí ohun kan náà. Wo bí a ṣe lè fi pípààrọ̀ bátọ̀n ṣe ìbéèrè ní ìpele mẹ́ta. Ti ìrántí: "Dárúkọ ọ̀nà méjì tí a fi ń gbé bátọ̀n lé ẹnì kejì lọ́wọ́." Ọmọ á kọ pé a lè gbé e láti ìsàlẹ̀ wá sókè, a lè fà á wálẹ̀ láti òkè, tàbí kí a tì í síwájú tààrà, méjì nínú mẹ́ta ti tó. Ti òye: "Kí ló dé tí ẹni tó ń gba bátọ̀n nínú 4 × 400 mítà fi ń wo ẹ̀yìn, tí ti 4 × 100 kì í sì í wò ó?" Ìyẹn kò sí ní gbólóhùn kan nínú nóòtì. Ọmọ ní láti rò ó pé ẹni tó ti sáré 400 mítà ti rẹ̀, eré rẹ̀ lè já nígbàkigbà, nítorí náà ẹni tó ń gbà ní láti wo bó ṣe ń bọ̀ kó tó gbéra. Nínú 4 × 100, ẹni tó ń bọ̀ ṣì wà lórí eré gidi, bí a ó ṣe pàdé ti di ohun tí a ti ṣe àdánwò rẹ̀, wíwẹ̀yìn á sì dín eré kù.

Ti ìlò wá jẹ́ báyìí, ní ọ̀bújẹ́tíìfù oní-máàkì kan:

*Nínú ìgbaradì 4 × 100 mítà, Bọ́lá máa ń gbéra nígbà tí Rónkẹ́ bá dé orí àmì tó fi sílẹ̀. Lójoojúmọ́, Rónkẹ́ ń bá a mọ́lẹ̀ kí eré Bọ́lá tó le. Kí ni kí Bọ́lá ṣe?*
*A. Kó sún àmì náà mọ́ ara rẹ̀*
*B. Kó sún àmì náà jìnnà sí ara rẹ̀, síhà ibi tí Rónkẹ́ ti ń bọ̀*
*D. Kó máa wo ẹ̀yìn títí yóò fi gba bátọ̀n*
*E. Kó fi ọwọ́ kejì gbà á*

B ni ìdáhùn: Bọ́lá ń pẹ́ kó tó gbéra, nítorí náà ó yẹ kí Rónkẹ́ kan àmì náà nígbà tó ṣì wà lókèèrè. Ohun tí mo fẹ́ kí o kíyè sí ni àwọn ìdáhùn yòókù. A wà níbẹ̀ fún ọmọ tó mọ̀ pé àmì ni ọ̀rọ̀ wà ṣùgbọ́n tó rò ó sódì. D wà níbẹ̀ fún ẹni tó dà á pọ̀ mọ́ 4 × 400. E wà fún ẹni tó kàn ń tafà sókè. Bí kíláàsì bá kó sí A, mo ti mọ ohun tí mo máa tún kọ́ wọn lọ́la.

Fi èyí wé ọ̀bújẹ́tíìfù kan tó wọ́pọ̀: "Bátọ̀n jẹ́ (A) òkúta (B) aṣọ (D) bọ́ọ̀lù (E) ọ̀pá roboto oníhò tí gígùn rẹ̀ wà láàárín sẹ̀ntímítà 28 sí 30, tí kò sì fúyẹ́ ju gíráàmù 50 lọ." Ọmọ tí kò wá sí kíláàsì rí á mú E, torí òun nìkan ló gùn, òun nìkan ló sì mọ́gbọ́n dání. Tí o bá fẹ́ béèrè nípa gígùn, béèrè gígùn: "Èwo ni òfin gbà gẹ́gẹ́ bí gígùn bátọ̀n? 20, 25, 29 tàbí 35 sẹ̀ntímítà?" Iye mẹ́rin tó jọra wọn, tí ọ̀kan ṣoṣo bọ́ sáàárín ohun tí òfin sọ.

Ibi tí òfin ti yí padà tí ìwé kò yí

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí ó ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín olùkọ́ àti òbí. Báwo ni àyè tí wọ́n ti ń pààrọ̀ bátọ̀n ṣe gùn tó? Ìwé tó ti pẹ́ á sọ pé mítà 20, pé ẹni tó ń gbà lè bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti mítà 10 ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n inú mítà 20 yẹn ni bátọ̀n ti gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2017, àjọ tó ń darí eré ìje lágbàáyé ti da méjèèjì pọ̀: nínú 4 × 100 mítà, àyè náà ti di mítà 30, ibikíbi nínú rẹ̀ ni wọ́n sì ti lè pààrọ̀. Nínú 4 × 400, ó ṣì jẹ́ 20.

Nítorí náà, ìbéèrè tó kàn sọ pé "Báwo ni àyè ìpààrọ̀ bátọ̀n ṣe gùn tó?" ní ìdáhùn méjì tó tọ́, 30 fún 4 × 100 àti 20 fún 4 × 400, bẹ́ẹ̀ 20 ló tọ́ fún méjèèjì ní àtijọ́. Ìlànà ìmáàkì ló máa kọ́kọ́ tú àṣírí yìí, torí ìgbà tí o bá fẹ́ kọ iye kan sílẹ̀ ni wàá rí i pé o kò mọ èyí tí o máa kọ. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí o dárúkọ eré náà kí o sì fi kún un pé "gẹ́gẹ́ bí òfin tó wà nílẹ̀ báyìí". Tí ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ yín ń lò bá ṣì ń sọ 20, kọ́ wọn ní ti tuntun ní gbangba, kí wọ́n kọ ọ́ sínú nóòtì wọn. Má ṣe fi ìdánwò kọ́ wọn.

Apá tíọ́rì, pẹ̀lú ìlànà rẹ̀

Ọ̀bújẹ́tíìfù mẹ́wàá kó máàkì 10: mẹ́fà ìrántí, mẹ́ta òye, àti ti Bọ́lá òun Rónkẹ́. Ó ku 20. Ìbéèrè kìíní nínú apá tíọ́rì kò gba wàhálà: kí wọ́n dárúkọ ọ̀nà méjì tí a fi ń gbé bátọ̀n léni lọ́wọ́ àti ohun méjì tí òfin sọ nípa bátọ̀n, máàkì 4. Nínú ìlànà rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló yẹ kí a fara balẹ̀ kọ: bí ọmọ bá to márùn-ún nígbà tí a ní kó kọ méjì, méjì àkọ́kọ́ nìkan la ó máàkì. Bí o kò bá kọ ìyẹn sílẹ̀, ọmọ tó da gbogbo ohun tó há sórí sílẹ̀ á jèrè ju ẹni tó yan èyí tó mọ̀ lọ.

Ìbéèrè kejì, máàkì 4: "Nínú 4 × 100 mítà, ẹni kìíní àti ẹni kẹta sábà máa ń fi ọwọ́ ọ̀tún mú bátọ̀n, ẹni kejì àti ẹni kẹrin ń fi ọwọ́ òsì mú un. Ṣàlàyé ìdí rẹ̀." Ìlànà mi rí báyìí:

- ẹni kìíní àti ẹni kẹta ló ń sá ibi tí pápá ti tẹ̀ (1)
- bátọ̀n tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún jẹ́ kí wọ́n lè rọ̀ mọ́ etí inú léènì, níbi tí ọ̀nà ti kúrú jù (1)
- ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì, òsì sí ọ̀tún: ẹni tó ń bọ̀ àti ẹni tó ń gbà wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú léènì, wọn kò ní tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ (1)
- kò sí ẹni tó ní láti pààrọ̀ ọwọ́ lójú eré, èyí tó lè dín eré kù tàbí jẹ́ kí bátọ̀n bọ́ (1)

Máàkì kọ̀ọ̀kan wà fún èrò kan, kì í ṣe fún gbólóhùn kan. Ọmọ lè kó méjì pọ̀ sínú gbólóhùn kan, kó sì gba 2. Ó tún lè fi gbólóhùn mẹ́fà sọ èrò kan ṣoṣo, kó gba 1. Bí ó bá sọ pé "kí wọ́n má baà kọlu ara wọn" dípò "tẹ ara wọn mọ́lẹ̀", ó gbà á. Bí ó bá sọ pé "nítorí pé òfin ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀", kò rí nǹkan kan, torí kò sí òfin bẹ́ẹ̀. Kọ irú ìdáhùn tí kò tọ́ yìí sínú ìlànà pẹ̀lú, nítorí wàá rí i.

Ìbéèrè kẹta ló gba máàkì 12. Ìtàn ni:

*Ní ọjọ́ ìdíje láàárín àwọn ilé ní ilé ẹ̀kọ́ kan, Ìyábọ̀, Kẹ́mi, Títí àti Ṣadé sá 4 × 100 mítà ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn. Nígbà tí Kẹ́mi gba bátọ̀n lọ́wọ́ Ìyábọ̀, ẹsẹ̀ Kẹ́mi kan ti kọjá ìlà òpin àyè ìpààrọ̀, ṣùgbọ́n bátọ̀n ti wà lọ́wọ́ Kẹ́mi nìkan kí bátọ̀n fúnra rẹ̀ tó kọjá ìlà. Nígbà tí Títí fẹ́ gbé bátọ̀n fún Ṣadé, ó bọ́ lọ́wọ́ Títí kí Ṣadé tó fọwọ́ kàn án. Ṣadé bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó sáré, ó sì ṣe ipò kìíní.*

*(a) Gẹ́gẹ́ bí òfin tó wà nílẹ̀ báyìí, mítà mélòó ni àyè ìpààrọ̀ kan nínú 4 × 100, mélòó sì ni àyè ìpààrọ̀ nínú eré náà? (2)*
*(b) Adájọ́ kan fẹ́ yọ ẹgbẹ́ yìí kúrò nítorí ẹsẹ̀ Kẹ́mi. Ṣé ó tọ̀nà? Sọ ìdí. (4)*
*(c) Ìwọ ni adájọ́ níbi ìpààrọ̀ Títí àti Ṣadé. Sọ ìpinnu rẹ àti ìdí rẹ̀, kí o sì sọ ohun tó yẹ kí wọ́n ti ṣe. (6)*

Fún (a): mítà 30 (1), mẹ́ta (1).

Fún (b): adájọ́ kò tọ̀nà (1), ibi tí bátọ̀n wà ni òfin ń wò (1), kì í ṣe ẹsẹ̀ tàbí ara ẹni tó ń sáré (1), bátọ̀n ti wà lọ́wọ́ Kẹ́mi nìkan kó tó jáde (1). Ẹni tó bá kàn kọ "kò tọ̀nà" láìsọ ìdí kò gba máàkì kankan. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Ẹni tó ju owó sókè lè rí i gbà. Máàkì ìpinnu ń tẹ̀ lé ìdí kan, ó kéré tán.

Fún (c): a yọ ẹgbẹ́ náà kúrò nínú ìdíje (1), Títí ni bátọ̀n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Ṣadé kò tíì kàn án (1), ẹni tó jẹ́ kí bátọ̀n bọ́ ni òfin ní kó mú un (1). Ohun tó yẹ: kí Títí fúnra rẹ̀ lọ mú un (1); bí bátọ̀n bá yí síwájú tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó padà sí ibi tí bátọ̀n ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́yìn (1); kó wá gbé e fún Ṣadé nínú àyè ìpààrọ̀ (1). Ọmọ tó bá fi kún un pé Títí lè jáde kúrò nínú léènì rẹ̀ láti lọ mú un, tí kò bá gé ọ̀nà kúrú, sọ òótọ́. A lè fi í rọ́pò ọ̀kan nínú mẹ́ta tó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n àpapọ̀ kò ní kọjá 6.

Gbólóhùn "kí Ṣadé tó fọwọ́ kàn án" kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ìtàn náà. Nígbà tí mo fẹ́ kọ ìlànà (c), mo rí i pé bí ọwọ́ méjèèjì bá ti wà lára bátọ̀n kó tó bọ́, ọmọ kan lè jiyàn pé Ṣadé ló jẹ́ kó bọ́, ẹjọ́ rẹ̀ á sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Gbólóhùn kékeré yẹn pa iyàn náà. Irú iṣẹ́ tí ìlànà ìmáàkì ń ṣe fún ìbéèrè nìyẹn, bí a bá kọ ọ́ lákòókò.

Ohun kan ṣì wà: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ọmọ jẹ ìyà àṣìṣe kan. Ẹni tó kọ 20 ní (a) ti pàdánù máàkì 1 níbẹ̀. Bí ó bá tún mẹ́nu ba "mítà 20" nínú (b), ṣùgbọ́n tí àlàyé rẹ̀ nípa bátọ̀n àti ẹsẹ̀ tọ́, ó gba gbogbo máàkì (b). Kọ èyí náà sílẹ̀, torí ọwọ́ tó ti rẹ̀ nídìí ìwé ogójì kì í ní àánú.

Nígbà tí ìwé bá dé

Yanjú ìdánwò náà fúnra rẹ kí àwọn ọmọ tó ṣe é, kí o sì wo aago. Ó sábà máa ń gba ọmọ tó ìlọ́po mẹ́ta àkókò tí ìwọ fi ṣe é. Bí ó bá gbà ọ́ ní ìṣẹ́jú 20, má ṣe kó o sínú píríọ́dù kan ṣoṣo tí kò ju ìṣẹ́jú 40 lọ. Àwọn tó ń kọ̀wé lọ́ra ni wàá fìyà jẹ.

Máàkì ìwé bíi márùn-ún ní ìdánrawò kí o tó fi bírò pupa kan ohunkóhun. Ibẹ̀ ni wàá ti rí ìdáhùn tó tọ́ tí o kò ronú kàn, tí wàá sì fi kún ìlànà. Lẹ́yìn náà, máàkì ìbéèrè kan fún gbogbo kíláàsì kó o tó kọjá sí èkejì. Ẹni tó ń máàkì odindi ìwé kan tán kó tó mú òmíràn á máa gbé ìbínú tàbí ìdùnnú ìbéèrè kìíní lọ sórí ìkẹta. Nínú ẹ̀kọ́ ìdárayá, ewu yìí pọ̀ jù, torí a mọ àwọn ọmọ wa lórí pápá. Ọmọ tó gba ife-ẹ̀yẹ fún ilé ẹ̀kọ́ lè kọ ìdáhùn tí kò lórí tí kò nídìí, kí ọwọ́ olùkọ́ sì máa rọ̀ láìmọ̀. Ṣẹ́ ojú ìwé tí orúkọ wà lé ẹ̀yìn.

Bí máàkì bá ti pé, ìbéèrè fúnra wọn náà ní ìdánwò tiwọn. Ká ní kíláàsì jẹ́ ọmọ 40. Mú ìwé àwọn 10 tó gba jù àti àwọn 10 tó gba kéré jù. Fún ọ̀bújẹ́tíìfù kọ̀ọ̀kan, ka iye tó mú ìdáhùn tó tọ́ nínú ẹgbẹ́ méjèèjì. Ká ní nínú ìbéèrè kẹrin, àwọn tòkè jẹ́ 9, àwọn tìsàlẹ̀ jẹ́ 4. Àpapọ̀ jẹ́ 13 nínú 20, ìyẹn 0.65: kò rọrùn jù, kò sì le jù. Ìyàtọ̀ láàárín wọn jẹ́ 5 nínú 10, ìyẹn 0.5: ìbéèrè náà mọ ẹni tó mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò mọ̀. Mo máa ń fọwọ́ sí ìbéèrè tí àpapọ̀ rẹ̀ wà láàárín 0.3 sí 0.7, tí ìyàtọ̀ rẹ̀ sì tó 0.3. Mo kàn máa ń fi ọ̀kan tàbí méjì tó rọrùn ju ìyẹn lọ síbẹ̀rẹ̀, kí àyà àwọn ọmọ lè balẹ̀.

Wàá wá rí ìbéèrè keje: 3 nínú àwọn tòkè, 6 nínú àwọn tìsàlẹ̀. Ìyàtọ̀ di 0.3 lódì. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ló ń kùnà, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ló ń yege. Má ṣe tètè dá àwọn ọmọ lẹ́bi. Ṣí ìdáhùn tí o kọ sílẹ̀ fún ìbéèrè náà wò. Ní tẹ́ẹ̀sì ríléè yìí, ibi tí mo máa kọ́kọ́ wò ni gígùn àyè ìpààrọ̀: ó ṣeé ṣe kí o ti da ìdáhùn kọ láti inú nóòtì àtijọ́ tó sọ 20, kí àwọn tó fetí sílẹ̀ ní kíláàsì sì ti mú 30. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, yí ìdáhùn padà kí o sì tún gbogbo ìwé kà. Bí ó bá jẹ́ pé ìbéèrè ló ní ìdáhùn méjì, gba méjèèjì, tàbí yọ ìbéèrè náà kúrò kí o sì ṣírò tẹ́ẹ̀sì náà lórí 29.

Má sì gbára lé iye wọ̀nyí jù. Pẹ̀lú ọmọ 10 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ kan ṣoṣo tó ṣi létà kọ máa yí ìyàtọ̀ náà padà pẹ̀lú 0.1. Èyí tó bá lódì ni kí o wádìí. Èyí tó bá jẹ́ 0.2 dípò 0.3, kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè náà nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ, pẹ̀lú ọdún àti kíláàsì, kí o tún lò ó fún kíláàsì mìíràn kó o tó pinnu bóyá kó dúró tàbí kó lọ.